Minna tàbí WGS 84? Bí a ṣe ń yan détọ́ọ̀mù fún ilẹ̀ l'Ábújá, àti ìdí tí ẹ̀rọ méjì fi ń jiyàn

Ẹni méjì dúró sídìí bíkìnì kan, ìyẹn òpó kékeré tí awọnlẹ̀ fi ń sàmì sí igun ilẹ̀, ní Kúbwà l'Ábújá. Ọ̀kan di fóònù mú, èkejì di GPS ọlọ́wọ́ mú. Wọ́n ka nọ́ńbà, nọ́ńbà ò bára mu. Wọ́n yọ kékeré kúrò nínú ńlá, ó kù bíi mítà 77 sí ìhà kan àti mítà 120 sí ìhà kejì. Ẹni tó ń ta ilẹ̀ ní fóònù ló bàjẹ́. Ẹni tó ń ra ilẹ̀ ní pùláànì ni irọ́. Ó sì lè jẹ́ pé fóònù ò bàjẹ́, pùláànì kì í ṣe irọ́, bíkìnì náà ò sì kúrò níbi tí wọ́n rì í sí. Ibi tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà ló yàtọ̀, ibi ìbẹ̀rẹ̀ kíkà náà la ń pè ní détọ́ọ̀mù.

L'Ábújá àti jákèjádò òkè ọya, détọ́ọ̀mù méjì ló sábà máa ń pàdé lórí ilẹ̀ kan: Minna, tó wà lórí ọ̀pọ̀ pùláànì sọ́féè, àti WGS 84, tó wà nínú fóònù. Ká gbé àwọn méjèèjì kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ká wo èyí tó yẹ fún iṣẹ́ wo, ká sì mọ bí a ó ṣe mọ̀ nígbà tí a bá ti yan èyí tí kò yẹ.

Kí ni détọ́ọ̀mù gan-an?

Bí télọ̀ méjì bá wọn aṣọ ẹnì kan ṣoṣo dé orúnkún, tí ọ̀kan fi téèpù sí èjìká, tí èkejì fi í sí ọrùn, nọ́ńbà wọn ò ní dọ́gba. Orúnkún ò sún. Ìjàngbọ̀n bẹ̀rẹ̀ nígbà tí télọ̀ kan bá gba nọ́ńbà lọ́wọ́ èkejì, tó sì gé aṣọ láìbéèrè ibi tí téèpù ti bẹ̀rẹ̀.

Ilẹ̀ ayé náà rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó ní wàhálà kan tí aṣọ ò ní. Ayé ò rí roboto bíi bọ́ọ̀lù, ó tẹ̀ díẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀ bí ọsàn, ojú rẹ̀ sì kún fún òkè àti àfonífojì. A ò lè ṣe ìṣirò lórí ohun tó rí gbágungbàgun bẹ́ẹ̀. Nítorí náà àwọn awọnlẹ̀ ṣe àwòṣe kan tó dán, tó rọrùn láti ṣírò. Nọ́ńbà méjì péré ló ń júwe rẹ̀: bí ó ṣe jìnnà tó láti àárín dé ìlà agbedeméjì ayé (èyí là ń kọ ní `a`), àti bí ó ṣe tẹ̀ tó (èyí là ń kọ ní `1/f`). Lẹ́yìn náà, wọ́n ní láti so àwòṣe yìí mọ́ ayé gidi, kí a lè mọ ibi tí àárín rẹ̀ wà. Àwòṣe pẹ̀lú ibi tí a so ó mọ́, àwọn méjèèjì pọ̀ ni détọ́ọ̀mù.

Kí sátẹ́láìtì tó dé, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ń yan àwòṣe tirẹ̀, tí ó sì ń so ó mọ́ píla kan lórí ilẹ̀ rẹ̀. Ní Nàìjíríà, wọ́n mú àwòṣe Clarke 1880, wọ́n sì so ó mọ́ píla L40 ní Mínà, ní ìpínlẹ̀ Niger. Wọ́n fi ìbú rẹ̀ sí 9°38′08.87″ sí àríwá, wọ́n fi òòró rẹ̀ sí 6°30′58.76″ sí ìlà-oòrùn. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi igun mẹ́ta-mẹ́ta wọn orí òkè dé orí òkè káàkiri orílẹ̀-èdè. Ohun tó fà á nìyẹn tí orúkọ ìlú tó wà ní ìwọ̀-oòrùn Ábújá fi wà lórí pùláànì ilẹ̀ tó wà ní Kúbwà, ní Zaria, kódà ní Èkó.

WGS 84 ò ní píla kankan. Sátẹ́láìtì ń yí po ibi tí ìwúwo ayé ti papọ̀ ní àárín gbùngbùn, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n sì fi àárín àwòṣe náà sí. Nínú tábìlì yìí, UTM ni ọ̀nà tí a fi ń kọ ibì kan ní mítà dípò ìbú àti òòró: ó pín ayé sí sóònù, E ń kà sí ìlà-oòrùn, N ń kà sí àríwá. EPSG ni nọ́ńbà ìdámọ̀ tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

| Ohun tí à ń wò | Minna | WGS 84 |
|---|---|---|
| `a` | 6378249.145 m | 6378137 m |
| `1/f` | 293.465 | 298.257223563 |
| Ohun tí a so ó mọ́ | Píla L40, Mínà | Àárín gbùngbùn ayé |
| UTM sóònù 32 | `EPSG:26332` | `EPSG:32632` |
| Ibi tí a ti ń bá a pàdé | Pùláànì sọ́féè, bíkìnì àtijọ́ | Fóònù, máàpù orí ẹ̀rọ, dróònù |

Àwòṣe ti Minna fi mítà 112 tóbi ju èkejì lọ láti àárín dé ìlà agbedeméjì. Àárín wọn pàápàá ò pàdé. Láti kúrò ní Minna bọ́ sí WGS 84, nọ́ńbà tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún Nàìjíríà ni `-92, -93, 122`, ìyẹn bí a ó ṣe sún mítà mélòó ní ọ̀nà X, Y àti Z. Ṣe ìṣirò rẹ̀, wàá rí i pé àárín àwọn àwòṣe méjèèjì fi nǹkan bíi mítà 179 jìnnà síra.

Plọ́ọ̀tì kan ní Kúbwà

Ká ní pùláànì kan kọ ọ́ pé bíkìnì àkọ́kọ́ wà ní E 316840, N 1012150, tó sì kọ «UTM ZONE 32» sí ìsàlẹ̀ pẹ̀lú détọ́ọ̀mù Minna. Ẹni tó ní kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti fi PROJ sí lè yí i padà sí WGS 84 báyìí:

```
echo "316840 1012150" | cs2cs \
 +proj=utm +zone=32 +a=6378249.145 +rf=293.465 \
 +towgs84=-92,-93,122 \
 +to +proj=utm +zone=32 +datum=WGS84
```

Èsì rẹ̀ yóò wà ní nǹkan bíi E 316763, N 1012270. E fi 77 dínkù, N fi 120 pọ̀ sí i. Bíkìnì kan ṣoṣo náà ni.

Wàyí o, ẹni tó ń ra ilẹ̀ kò yí nọ́ńbà kankan padà. Ó kàn tẹ 316840 àti 1012150 sínú áàpù fóònù rẹ̀, tó wà lórí WGS 84, ó ní kí ó mú òun débẹ̀. Áàpù náà yóò ṣe ohun tó ní kó ṣe. Yóò mú un lọ síbi tó fi mítà 77 wà ní ìlà-oòrùn bíkìnì gidi, tó sì fi mítà 120 wà ní gúúsù rẹ̀. Bí plọ́ọ̀tì bá jẹ́ mítà 15 ní fífẹ̀ àti 30 ní gígùn, mítà 120 tó gígùn plọ́ọ̀tì mẹ́rin. Ó dé orí ilẹ̀ onílẹ̀, bóyá ilẹ̀ tí ẹlòmíì ti ń kọ́lé sí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé wọ́n ti lu òun ní jìbìtì.

Bó bá jẹ́ pé ìbú àti òòró ni wọ́n kọ sórí ìwé, tí wọ́n sì wá láti Minna, ìṣìnà rẹ̀ yóò yàtọ̀. Níbẹ̀, nọ́ńbà ìbú ti WGS 84 fi nǹkan bíi mítà 27 ju ti Minna lọ, nọ́ńbà òòró rẹ̀ sì fi nǹkan bíi mítà 80 kéré sí i. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 85, kì í ṣe 143 tí 77 àti 120 ti UTM ń fún wa.

Kí ló dé tí ìbú fi yàtọ̀ ní mítà 27 péré, tí N ti UTM sì yàtọ̀ ní 120? Ẹ̀kọ́ tó wúlò jù wà níbí, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lo GPS lójoojúmọ́ ò sì mọ̀ ọ́n. N ti UTM ń ka mítà láti ìlà agbedeméjì ayé wá dé ibi tí o dúró sí, ó sì ń kà á lórí awọ àwòṣe náà. Láti agbedeméjì dé Kúbwà jìnnà ju kìlómítà 1000 lọ. Clarke 1880 àti WGS 84 ò tẹ̀ bákan náà, ìyẹn ni pé fún ìbú kan náà, ọ̀nà yẹn fi mítà 92 gùn jù lórí WGS 84. Fi 92 kún 27, o ti dé ìtòsí 120. Ìwọ̀nba tó kù jẹ́ ìdá kan nínú mítà, ó sì wá láti inú bí ìlà UTM ṣe tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ níbẹ̀.

Nítorí náà, ìwọ̀n ìṣìnà náà fúnra rẹ̀ ń sọ̀rọ̀. Bí ẹ̀rọ méjì bá yàtọ̀ ní nǹkan bíi mítà 143, tí ìyàtọ̀ náà sì kọjú sí gúúsù òun ìlà-oòrùn, ẹnì kan ti fi nọ́ńbà UTM ti Minna sínú WGS 84. Bó bá jẹ́ 85, ìbú àti òòró ló fi sí i. Ọ̀nà gidi láti mọ̀ nìyẹn, ó yá ju kí ẹ máa bára yín jà lọ.

Minna méjì: ìyàtọ̀ tó kéré, tó sì ń tannijẹ

Mítà 143 kì í fi ara pamọ́. Wàá dé ibi tí ò yẹ, wàá sì mọ̀ pé o ti ṣìnà. Èyí tó ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín aládùúgbò ni ti mítà bíi mélòó kan. Ẹni méjì ti sọ ẹ̀rọ wọn di Minna, wọ́n sì ti wò ó dáadáa pé «Minna» ló wà lójú ẹ̀rọ, síbẹ̀ mítà 6 tàbí 12 ló wà láàárín wọn.

Orúkọ kan náà ni, nọ́ńbà ìyípadà ló yàtọ̀. Kámẹ́rúùnù náà lo Minna, nọ́ńbà tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún tiwọn sì ni `-81, -84, 115`. Bí ẹ̀rọ kan l'Ábújá bá gbé nọ́ńbà Kámẹ́rúùnù, tí èkejì gbé ti Nàìjíríà, ìṣirò fún Kúbwà fi hàn pé ti Kámẹ́rúùnù yóò fi nǹkan bíi mítà 9 wà sí gúúsù, yóò sì fi nǹkan bíi mítà 7 àbọ̀ wà sí ìlà-oòrùn. Mítà 11 àbọ̀ lápapọ̀. Ògiri ilé kan tó bẹ́ẹ̀.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, nọ́ńbà `-92, -93, 122` kò dájú dé ìdí. Wọ́n kọ àṣìṣe tó ṣeé ṣe sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: mítà 3 fún X, 6 fún Y, 5 fún Z. Ibùdó sátẹ́láìtì mélòó kan péré ni wọ́n fi ṣírò rẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè, láti Sókótó dé Kàlàbá. Igun mẹ́ta-mẹ́ta tí wọ́n fi wọn orílẹ̀-èdè náà ní àṣìṣe tirẹ̀, àṣìṣe náà ò sì dọ́gba láti ibì kan sí ibòmíì. Kò sí nọ́ńbà mẹ́ta tó lè bá gbogbo Nàìjíríà mu dé ìdá mítà. Àwọn nọ́ńbà míì wà nínú àkójọ EPSG, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ pé iṣẹ́ epo ní gúúsù àti lórí òkun ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Ẹni tó bá gbé irú wọn wá sí Bwari tàbí Kàdúná ti gbé bàtà ẹlẹ́sẹ̀ míì wọ̀.

Bí o bá ń lo QGIS láti fi ya máàpù lórí kọ̀ǹpútà, ibí yìí ni kí o ti ṣọ́ra. Nígbà tí o bá fi nǹkan tó wà ní `EPSG:26332` sórí máàpù tó wà ní WGS 84, ó lè gbé àkójọ ìyípadà wá, kí o fi ọwọ́ yan ọ̀kan. Má kàn tẹ «OK» torí pé èyí tó wà lókè pátápátá ló ti yàn. Ka ibi tí wọ́n ṣe ìyípadà kọ̀ọ̀kan fún, yan èyí tó kan Nàìjíríà ní orí ilẹ̀, kí o sì kọ èyí tí o yàn sílẹ̀, kí ẹni tó máa bá ọ ṣiṣẹ́ pọ̀ lè yan òun náà. Àṣìṣe kejì tó wọ́pọ̀ níbẹ̀ ni pé èèyàn á fi «Set Layer CRS» sọ nǹkan Minna di `EPSG:32632`. Ìyẹn ò yí ohunkóhun padà. Ó kàn pa orúkọ dà, mítà 143 náà sì padà wá.

Ìgbà tí détọ́ọ̀mù ò mọwọ́ mẹsẹ̀

Fóònù tó wà ní gbangba, tí ohunkóhun ò bo ojú ọ̀run lórí rẹ̀, máa ń ṣìnà ní nǹkan bíi mítà 5. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé gíga ní Wuse, tàbí lábẹ́ igi máńgòrò tó ṣú, ó lè ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, torí pé ìró sátẹ́láìtì ń kọ lára ògiri kó tó dé ọ̀dọ̀ fóònù. Nítorí náà ẹ̀rọ méjì tó wà lórí WGS 84 méjèèjì ṣì lè yàtọ̀ ní mítà bíi mélòó kan, tí kò sì sí ẹ̀bi détọ́ọ̀mù níbẹ̀.

Báwo la ṣe lè mọ̀ wọ́n sọ́tọ̀? Ìṣìnà détọ́ọ̀mù dà bí ọ̀pá tí a kàn mọ́ ilẹ̀: ojú kan ló ń wò. Ìṣìnà sátẹ́láìtì dà bí ewé tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Gbé ẹ̀rọ méjèèjì sórí bíkìnì kan, ka nọ́ńbà wọn, kọ ìyàtọ̀ E àti ìyàtọ̀ N sílẹ̀. Padà wá lẹ́yìn wákàtí kan, kà á lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn náà lọ sí bíkìnì míì tó fi kìlómítà kan jìnnà, kà á níbẹ̀. Bí ìyàtọ̀ náà bá wà bákan náà ní ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tí àmì rẹ̀ (+ tàbí −) ò sì yí padà, détọ́ọ̀mù tàbí nọ́ńbà ìyípadà ni. Bó bá jẹ́ +4 lẹ́ẹ̀kan, −3 lẹ́ẹ̀kejì, sátẹ́láìtì ló ń ṣeré.

Àwọn ìṣìnà ńlá ńlá náà wà, àmọ́ wọn kì í ṣòro mọ̀. Sóònù UTM yí padà ní òòró 6°. Ìlọrin àti Ègbè wà ní sóònù 31, Kábà àti Ábújá wà ní 32. Bó o bá ṣi sóònù, wàá bá ara rẹ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà síbi tó yẹ, o ò sì ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa béèrè. Bí N orí pùláànì rẹ bá sì bẹ̀rẹ̀ ní ìtòsí 569000 dípò 1012000, kì í ṣe UTM rárá. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ «Mid Belt» àtijọ́, `EPSG:26392`, tó bẹ̀rẹ̀ kíkà láti ìbú 4°.

Èwo ni kí o yàn, fún iṣẹ́ wo?

Tó o bá fẹ́ fi ibi kan ránṣẹ́ sí ọlọ́kadà, tàbí o fẹ́ sàmì sí àwọn borehole ní abúlé mẹ́wàá ní Kàdúná, tàbí o fẹ́ fi dróònù ya àwòrán oko, yan WGS 84, má sì wulẹ̀ dán Minna wò. Gbogbo ẹ̀rọ tó o máa lò ló ti wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kò sí èrè kankan nínú yíyí padà, ewu ló kún inú rẹ̀.

Tó o bá ní pùláànì lọ́wọ́, tó o sì fẹ́ wá bíkìnì rẹ̀ lórí ilẹ̀, yan détọ́ọ̀mù tí pùláànì náà kọ sílẹ̀. Má yí nọ́ńbà orí ìwé padà sí ti ẹ̀rọ. Yí ẹ̀rọ padà sí ti ìwé. Ìdí ni pé nọ́ńbà tí o bá fọwọ́ kọ lẹ́yìn ìyípadà máa ń sọnù kúrò lára détọ́ọ̀mù rẹ̀. Ẹnì kan á rí i ní ọdún mẹ́ta sí i, á rò pé Minna ni, á tún yí i padà lẹ́ẹ̀kejì, ìṣìnà á wá di ìlọ́po méjì.

Bí pùláànì ò bá kọ détọ́ọ̀mù rárá, a máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èrò pé Minna ni, pàápàá bó bá ti pẹ́. Àmọ́ èrò ni. Bíkìnì ni yóò jẹ́rìí: lọ sórí ọ̀kan tí o dá mọ̀, ka WGS 84 níbẹ̀. Bí nọ́ńbà UTM ẹ̀rọ bá fi 77 dínkù ní E, tó sì fi 120 pọ̀ ní N ju ti pùláànì lọ, Minna ni. Bí wọ́n bá dọ́gba tàbí wọ́n sún mọ́ra dé mítà bíi mélòó kan, a jẹ́ pé WGS 84 ni awọnlẹ̀ lò.

Tó o bá fẹ́ ri ìpìlẹ̀ ògiri tàbí o fẹ́ yanjú ìjà ààlà, má yan ọ̀kankan nínú wọn pẹ̀lú GPS ọlọ́wọ́. Pe sọ̀féyọ̀ tó ní ẹ̀rọ tó ń wọn dé sẹ̀ntímítà, tí yóò sì bẹ̀rẹ̀ láti orí bíkìnì tó wà nílẹ̀.

Bí a ṣe ń sọ GPS ọlọ́wọ́ di Minna

Lórí èyí tó wọ́pọ̀ jù ní ọjà, wọ inú «Position Format». Yan «UTM UPS». Lábẹ́ «Map Datum», wá «Minna». Bí kò bá sí níbẹ̀, tàbí o fẹ́ mọ nọ́ńbà tó wà nínú rẹ̀ dájú, yan «User» dípò rẹ̀, kí o sì tẹ nọ́ńbà wọ̀nyí:

```
DX = -92
DY = -93
DZ = 122
DA = -112.145
DF = -0.54750714
```

DA ni ìyàtọ̀ `a` méjèèjì nínú tábìlì òkè yẹn. DF ni ìyàtọ̀ títẹ̀ wọn, tí wọ́n ti fi 10000 sọ di púpọ̀, bí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ ṣe ń béèrè rẹ̀. Àwọn míì ń fẹ́ ẹ láìsọ ọ́ di púpọ̀, ìyẹn `-0.000054750714`. Bó o bá fi èyí tí kò tọ́ sí i, nọ́ńbà ẹ̀rọ lè ṣìnà, torí náà dán an wò lórí bíkìnì tí o dá mọ̀.

Kí o sì mọ bí ẹ̀rọ wọ̀nyí ṣe ń pa nǹkan mọ́. Ibi tí o bá fi bọ́tìnì sàmì sí nígbà tí o dúró lórí rẹ̀, WGS 84 ló máa fi pa á mọ́ sínú, détọ́ọ̀mù tó o yàn jẹ́ aṣọ tó kàn wọ̀ síta. Torí náà, bó o bá gbàgbé láti yí détọ́ọ̀mù kó o tó sàmì, kò tíì bàjẹ́: yí i padà báyìí, nọ́ńbà náà yóò tún ara rẹ̀ ṣe. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé o fọwọ́ tẹ nọ́ńbà pùláànì wọlé nígbà tí ẹ̀rọ ṣì wà lórí WGS 84, ìyẹn ti bàjẹ́. Ẹ̀rọ ti yí i sí ibi tí kò yẹ, yíyí détọ́ọ̀mù lẹ́yìn rẹ̀ ò ní gbé e padà. Pa á rẹ́, yí détọ́ọ̀mù, tún un tẹ̀.

Fífi bíkìnì tún un ṣe

Níwọ̀n bí nọ́ńbà mẹ́ta náà ti ní ìṣìnà mítà bíi mélòó kan nínú, ọgbọ́n àwọn awọnlẹ̀ ni pé wọn kì í gbà á gbọ́ tán. Wọ́n máa ń wá bíkìnì mẹ́ta tó yí ibi iṣẹ́ ká, tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí ìwé. Wọ́n á gbé ẹ̀rọ sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ó kéré tán, wọ́n á mú ìpíndọ́gba ohun tó kà.

Ká ní ẹ̀rọ kà á ju ìwé lọ ní +4 fún E àti −3 fún N lórí ti àkọ́kọ́, +5 àti −2 lórí ti èkejì, +4 àti −4 lórí ti ẹ̀kẹta. Ìpíndọ́gba rẹ̀ ni +4.3 àti −3. Yọ 4.3 kúrò nínú gbogbo E tí o bá kà níbi iṣẹ́ náà, fi 3 kún gbogbo N, ó parí. Àmọ́ bí bíkìnì kẹta bá sọ pé −6 àti +9, má pín in pẹ̀lú àwọn tó kù. Ẹnì kan ti hú u tún rì, tàbí wọ́n ṣi nọ́ńbà kọ sórí pùláànì. Ní àdúgbò tí katapílà ti kọjá ṣí títì, èyí kì í ṣe ohun ìyanu. Ìpíndọ́gba tó o fi bíkìnì búburú ṣe yóò ba gbogbo àwọn tó dára jẹ́. Àtúnṣe yìí náà ò sì kọjá àdúgbò: èyí tó o rí ní Kúbwà, má gbé e lọ sí Gwagwalada.

Àwọn tó ní ẹ̀rọ sẹ̀ntímítà lè so mọ́ NIGNET, àwọn ibùdó GPS tí wọ́n gbé kalẹ̀ láti máa ka sátẹ́láìtì láìdábọ̀. Ọ̀kan wà l'Ábújá tí àmì rẹ̀ jẹ́ OSGF, ọ̀kan wà ní Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria tí àmì rẹ̀ jẹ́ ABUZ. Níbẹ̀, ohun míì tún wọlé: ilẹ̀ Áfíríkà fúnra rẹ̀ ń rìn sí àríwá òun ìlà-oòrùn, ní nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 2 àbọ̀ sí 3 lọ́dún. Fún fóònù, ìyẹn ò tó nǹkan. Fún ẹni tó ń wọn sẹ̀ntímítà, ọdún mẹ́wàá ti di nǹkan bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sí ọgbọ̀n sẹ̀ntímítà, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ kọ ọdún tí nọ́ńbà rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ti gíga ilẹ̀, ọ̀rọ̀ kékeré kan péré. GPS ń ka gíga láti orí àwòṣe tó dán, pùláànì sì ń kà á láti orí ìpele òkun. Ní agbègbè Ábújá, àlàfo àwọn méjèèjì lé ní mítà 20. Àwọn ẹ̀rọ kan ń yọ ọ́ kúrò fúnra wọn, àwọn míì kì í yọ ọ́. Má fi gíga fóònù wa gọ́tà.

Lórí ìwé tí o bá fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí ẹlòmíì, ìlà kan tó tẹ̀ lé e yìí ti tó: «E 316840, N 1012150, Minna, UTM 32, ìyípadà −92 −93 122, a tún un ṣe pẹ̀lú bíkìnì mẹ́ta, yọ 4.3 kúrò ní E, fi 3 kún N», pẹ̀lú ọjọ́ tí o kà á.